Ìdánwò Ìgbáradì: Àmì Ìdàgbàsókè Ọmọdé àti Kíka Káàdì Ìdàgbà

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú 30. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ orí ọmọ kí ẹ tó mú ìdáhùn kankan. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ jù.

Ìbéèrè 1
Ìyá ìbejì kan gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní Mọ́níyà. Ọ̀sẹ̀ 32 ni oyún wọn wà nígbà tó bí wọn. Wọ́n ti pé oṣù 8 báyìí. Táíwò ti ń jókòó fúnra rẹ̀. Kẹ́hìndé ṣì ń fi ọwọ́ tilẹ̀ kí ó má baà ṣubú, ṣùgbọ́n ó ń yí padà, ó ń gbé nǹkan láti ọwọ́ kan sí èkejì, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Ìyá ní: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe Kẹ́hìndé báyìí?” Èwo ló tọ́?
A. Ó ti pẹ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí.
B. Ojú ọmọ oṣù 6 ni kí a fi wò ó. Ohun tó ń ṣe bá ọjọ́ orí náà mu.
D. Kí ìyá máa fi tipátipá gbé e jókòó.
E. Níwọ̀n ìgbà tí Táíwò ti ń jókòó, ó yẹ kí Kẹ́hìndé náà lè ṣe é.

Ìbéèrè 2
Ọmọkùnrin kan láti agbègbè Ọjà'ba. Ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì: ọjọ́ ìbí, kílò 3.2; oṣù 3, kílò 6.2; oṣù 6, kílò 7.4, oṣù 7, kílò 7.5; oṣù 8, kílò 7.4, oṣù 9, kílò 7.4. Téèpù apá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 12.8. Láti oṣù 6, ògì lásán ni wọ́n ń fún un pẹ̀lú ọmú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wo káàdì, ó ní: “Kò tíì bọ́ sísàlẹ̀ ìlà -2, ara rẹ̀ dá.” Ṣé òótọ́ ni? Ṣàlàyé, kí o sì sọ ohun tí o máa ṣe. (Máàkì 10)

Ìbéèrè 3
Ta ni kí a tètè fi ránṣẹ́ sí dókítà?
A. Ọmọ oṣù 4 tí kò tíì jókòó.
B. Ọmọ oṣù 10 tí kò rá, àmọ́ tó ń di àga mú dúró.
D. Ọmọ oṣù 18 tí kò tíì lè dá rìn.
E. Ọmọ ọdún kan tó ń pe “màmá” àti “bàbá” nìkan.

Ìbéèrè 4
Orí ọmọ oṣù 5 kan ti ré kọjá ìlà méjì sókè láàárín oṣù méjì. Dárúkọ ohun méjì tí o máa yẹ̀ wò.

ÌDÁHÙN

1. B. Oyún tó gbó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 40. Yọ 32 kúrò, ó ku ọ̀sẹ̀ 8, bí oṣù méjì. Yọ ọ́ kúrò nínú oṣù 8. Bẹ́ẹ̀ ni a óò máa ṣe títí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yóò fi pé ọdún 2. Ẹni tó mú E gbàgbé pé ìbejì pàápàá kì í rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà.

2. Kì í ṣe òótọ́. Lóòótọ́, ní oṣù 9, kílò 7.1 ni ìlà -2 wà fún ọkùnrin lórí ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006, apá rẹ̀ náà sì ju 12.5 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìlà rẹ̀ ń lọ. Ní oṣù 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlà àárín dọ́gba. Ní oṣù 9, ó ti wà lábẹ́ ìlà -1, oṣù mẹ́ta gbáko kò sì fi nǹkan kan kún un. Ọmọ tó ti ń kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìlà rẹ̀ ń gòkè déédéé, ara rẹ̀ le ju èyí lọ. Ìdí gan-an nìyẹn tí Dókítà David Morley fi ṣe káàdì yìí nílẹ̀ wa níbí, ní Imẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà: kí nọ́ọ̀sì lè rí ewu kí ọmọ tó rù.

Ohun tí a óò ṣe: tún un wọ̀n, kí aṣọ má sí lára rẹ̀. Bi ìyá nípa ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́ àti iye ìgbà tó ń jẹun. Má bá a wí. Béèrè ohun tí agbára rẹ̀ ká. Kí ògì náà ki, kí ẹyin, ẹja lílọ̀, ẹ̀wà tàbí epo pupa wọ inú rẹ̀, kí ọmú má sì dúró. Kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó kọ “fún un ní fítámì” nìkan kò ní ju máàkì 2 lọ.

3. D. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti dá rìn kí wọ́n tó pé oṣù 18. Ti B kò burú: àwọn ọmọ kan kì í rá rárá.

4. Àwùjẹ̀, bóyá ó le tàbí ó wú. Ojú, bóyá ó ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá. Èébì àti ìrora náà gba máàkì. Wọn orí àwọn òbí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má tìtorí rẹ̀ dá ọmọ dúró. Ọjọ́ náà ni kí dókítà rí i.