Kí Ẹ Mọ Àwọn Tó Máa Tọ́jú Yín: Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Ètò Ìlera Ọ̀fẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú sùúrù, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti jókòó síbí láti aago mẹ́fà. Ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, mo kí yín. Ará Èkó-Ẹ̀pẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ gba orí ọ̀sà wá, ọkọ̀ yín ò ní dojú dé. Ẹ̀yin ìyá wa láti Ọjà Olúwo, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ ohun tí àárọ̀ Sátidé jẹ́ fún ẹlẹ́ja, ẹ sì fi í sílẹ̀ wá síbí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn yín lónìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹni náà àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlélógún la yọ̀ǹda ara wa, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé sì ni gbogbo wa wọ̀. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, tó ní kí ẹ na apá wá kí òun gún yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù náà, ẹ pè mí. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí a kó wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu géètì, ẹ nawọ́ sókè. Àwọn mẹ́rin yìí ló ń pín nọ́mbà. Bí wọ́n bá rí aboyún, arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná janjan, wọ́n máa mú un lọ síwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn jà. Èmi ni mo rán wọn.

Àwọn tíṣà méjì tó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Wọ́n á kọ orúkọ yín, ọjọ́ orí yín àti nọ́mbà fóònù. Ẹni tí kò ní fóònù, kó mú ti ọmọ tàbí ti aládùúgbò wá. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tí mo bá dé orí tábìlì tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí Màmá Nọ́ọ̀sì dìde. Ẹ rí i? Mo gbọ́ tí ẹ ń pariwo! Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí. Òun àti nọ́ọ̀sì méjì mìíràn ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ẹ ó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí fa sìgá, kó sọ fún wọn, wọ́n á ní kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí nọ́mbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, wọ́n á tún un wọ̀n kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí yìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan nínú wa ké nọ́mbà ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá kan síta, gbogbo ìlà gbọ́. Ìyá náà fi gèlè bojú, ó bọ́ sí ìta, kò gba oògùn, kò sì padà wá. Ó dùn mí wọra. Èmi ni mo ṣètò ọjọ́ náà, ọrùn mi ni ẹ̀bi náà wà. Nítorí náà, lọ́dún yìí, inú káàdì ni wọ́n máa kọ nọ́mbà sí, ọwọ́ yín ni wọ́n á fi káàdì náà sí. Kò sí olùyọ̀ǹda kankan tó láṣẹ láti sọ àìsàn yín fún ẹlòmíràn, kì báà ṣe ọkọ yín, kì báà ṣe ìyàwó yín.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹn wá láti yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n máa gbà. Abẹ́rẹ́ tuntun ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ojú yín ni wọ́n á sì ti ya ọ̀rá rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti ya tẹ́lẹ̀, ẹ má na ìka. Àyẹ̀wò ṣúgà kì í pẹ́. Ti ibà máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ẹ má lọ ra àkàrà kí ẹ gbàgbé pé ẹ ń retí èsì. Ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láàárọ̀ yìí, kó sọ fún wọn, nítorí 126 tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò jẹun yàtọ̀ sí ti ẹni tó jẹ ẹ̀bà tán.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́, Ìyá Ìbejì ni ẹ máa bá lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù. Tẹ́ẹ̀pù kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi wọn apá ọmọ, láti oṣù mẹ́fà títí tí ọmọ á fi fẹ́ẹ̀ pé ọdún márùn-ún. Bí tẹ́ẹ̀pù bá fi àwọ̀ ewé hàn, ó dára, òféèfèé ní kí a ṣọ́ra, pupa ní kí a gbé ọmọ lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá pupa, kò sí ẹni tó máa bú yín. Ẹ ti ṣe dáadáa tí ẹ gbé e wá.

Àwọn ará wa Ègùn àti Ìlàjẹ, ẹ̀gbọ́n wa apẹja tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí gbọ́ èdè méjèèjì. Òun ló máa tẹ̀lé yín wọlé bá dókítà. Ẹ má fi orí jíjù ṣe bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yé yín.

Dókítà méjì ló wà nínú kíláàsì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹ lè yan èyí tí ẹ bá fẹ́. Apòògùn wa wà ní kíláàsì kejì. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un, títí kan àgbo. Kò ní bínú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pamọ́, ó lè fún yín ní ohun tí kò bá a mu.

Bàbá Awakọ̀ àti bọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí èémí rẹ̀ kò já gaara, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kọjá ààlà, bàbá yìí ni yóò gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù Ẹ̀pẹ́ kíákíá.

Tábìlì tó kẹ́yìn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò. Àwọn àbúrò mi obìnrin méjì tó wà níbẹ̀, lójú tèmi, iṣẹ́ wọn ló wúwo jù. Oògùn tí a ń pín lónìí kò lè ju ti oṣù kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì mọ oṣù. Wọ́n á kọ ìwé fún yín láti mú lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, wọ́n á ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n á sì pè yín lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láti béèrè bóyá ẹ lọ. Bí ẹ kò bá lọ, wọ́n á tún pè.

Ó tó. Nọ́mbà kìíní dé ìkẹwàá, ẹ dìde, ẹ mú káàdì yín dání. Màmá Nọ́ọ̀sì ń dúró.