Ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé o!

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ gbé ṣòkòtò sáà tó kọjá wọ ọmọ yín wò. Ó ti ká dé ojúgun, àbí?

Ẹ ya fọ́tò ìwé tí ilé-ìwé kọ àwọn nǹkan tí ọmọ nílò sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù. Yunifọ́ọ̀mù, ìwé, bírò, pẹ́ńsù, a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, a ó kọ orúkọ ọmọ sí i. Ẹ kàn yà gbé e tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ wa fẹ̀ nínú: bí ọmọ bá ga sí i, ẹ tú u, ẹ tún un rán.

Kò bá a mu? A ó pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ̀ ọ́).