Ọdún dé tán o! Aago tí ẹ óò bá wa ní ṣọ́ọ̀bù láti 21 Oṣù Kejìlá 2026 sí 4 Oṣù Kìn-ín-ní 2027

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tó fẹ́ ra ṣájà, íápíìsì, páùṣì tàbí páwà báǹkì fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, kó ka èyí tán kó tó gbéra nílé. Aago wa yóò yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ajé 21 sí Ọjọ́rú 23 Oṣù Kejìlá: aago 8 òwúrọ̀ sí aago 8 alẹ́ (a fi wákàtí kan lé e nítorí yín)
Ọjọ́bọ̀ 24: aago 8 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán
Ẹtì 25, Àbámẹ́ta 26 àti Àìkú 27: a ò ní ṣí
Ajé 28 sí Ọjọ́rú 30: aago 10 òwúrọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́
Ọjọ́bọ̀ 31: aago 10 òwúrọ̀ sí aago 1 ọ̀sán
Ẹtì 1 Oṣù Kìn-ín-ní: a ò ní ṣí
Àbámẹ́ta 2: aago 12 ọ̀sán sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, fún ẹni tó fẹ́ wá gba ọjà tàbí fóònù rẹ̀ nìkan
Àìkú 3: a ò ní ṣí, bí a ti í ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú
Ajé 4: a padà sí aago 8 òwúrọ̀ sí aago 7 alẹ́ tí ẹ mọ̀ wá mọ́

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yìí sínú fóònù yín, kí ẹ má baà máa wá a kiri lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi to ọjọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí. Lọ́dún tó kọjá, páálí kan la fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà: A TI LỌ ỌDÚN. A ò kọ ọjọ́ tí a lọ, a ò kọ ọjọ́ tí a ń bọ̀. Bàbá kan tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí a ti ṣí wá lẹ́ẹ̀mejì, ó bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún, ṣájà tuntun ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún o, ọmọ mi, mo ti rà á níbòmíràn." Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ. Nítorí náà, lọ́dún yìí, ẹ ò ní bá ilẹ̀kùn pàdé láìmọ̀.

Bí ilẹ̀kùn bá sì tì, Wásáàpù wa ò ní tì. Láwọn ọjọ́ tí a ò ní ṣí, ọ̀kan nínú wa yóò máa dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní aago 10 òwúrọ̀ àti aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ aago 6 ìrọ̀lẹ́ péré, torí àwa náà ní ará ilé. Ẹ fi fọ́tò ohun tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́, a ó sọ fún yín bóyá ó wà nílẹ̀ àti iye tó jẹ́. Tí ẹ bá ti sanwó, a ó kọ orúkọ yín lé e, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sẹ́ni tí yóò rà á mọ́ yín lọ́wọ́ títí di Àbámẹ́ta 2 Oṣù Kìn-ín-ní. Iye tí ẹ bá bá a lọ́jọ́ tí ẹ sanwó ni iye rẹ̀. Bí ọjà bá gbówó lórí lẹ́yìn ọdún, kò kàn yín.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì wá kù. Àkáǹtì wa kò yí padà. Òun náà ni ẹ ti ń sanwó sí, òun náà ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí tí a fún yín nígbà tí ẹ rajà kẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí yín lásìkò ọdún yìí pé a ti pààrọ̀ àkáǹtì, irọ́ ni, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ pè wá lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ń pè tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí a gbé ọjà wá bá yín nílé: ohun tí ẹ bá sanwó rẹ̀ kí aago 12 ọ̀sán Ọjọ́rú 23 tó lù yóò dé ọwọ́ yín kí Kérésìmesì tó dé. Ohun tí ẹ bá san lẹ́yìn ìyẹn, ó di Ajé 28. Ti Ọdún Tuntun náà rí bẹ́ẹ̀: aago 12 ọ̀sán Ọjọ́rú 30 ni ìkẹyìn. A lè ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn tó ń bá wa gbé ọjà náà ń lọ ọdún.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù ni ti àtúnṣe. Fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ tàbí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí ẹ̀yà tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ lè gbé e wá títí di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́rú 23, ẹ óò gbà á lọ́jọ́ náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú fóònù tí a ní láti ránṣẹ́ ra ẹ̀yà rẹ̀, ó ti di kí ẹ gbé e wá kó tó di aago 12 ọ̀sán Ajé 21. Ọwọ́ àwa kọ́ nìyẹn wà. Àwọn tí à ń ra ẹ̀yà lọ́wọ́ wọn náà máa ń ti ilé-ìtajà wọn, ẹ̀yà tí kò bá sì dé kí wọ́n tó tì í, ó di lẹ́yìn ọdún. Ẹ tẹ orúkọ fóònù yín àti nọ́ńbà àwòṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lónìí. Ẹ óò rí i nínú Settings, lábẹ́ About phone (About ni lórí iPhone, nínú General). Ìdáhùn wa ni yóò sọ bóyá kí ẹ máa bọ̀ tàbí kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a ra ẹ̀yà náà pamọ́.

A ò ní gba àtúnṣe kankan lọ́jọ́ 24. Ọjà títà àti fóònù gbígbà nìkan ni ti ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni." Fóònù tí ènìyàn fi ìkánjú tú, ìkánjú náà ni yóò fi dè é, ẹ̀yin lẹ ó sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí fóònù yín ti wà lọ́dọ̀ wa, tí a ti pè yín pé ó ti dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú un kí aago 2 Ọjọ́bọ̀ 24 tó lù. Inú dúrọ́ọ̀ tí a tì pa ló wà, kò séwu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò wá ṣílẹ̀kùn fún yín lọ́jọ́ 25, bó ti wù kí ẹ pè tó. Kí ẹ tó gbé fóònù wá fún àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò àti nọ́ńbà inú rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sábẹ́ ìkéde yìí. Ẹnì kan ṣe é rí.

Bí fóònù bá bọ́ sómi lọ́jọ́ tí a ò ṣí ńkọ́? Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ páùṣì rẹ̀, ẹ yọ síìmù, ẹ nù ún, ẹ fi í síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má fi ṣájà kàn án rárá, ẹ má tàn án wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ irun gbẹ fẹ́ ooru sí i. Iná tó bá kan omi nínú fóònù ló ń ba ojú bọ́ọ̀dù jẹ́ ju omi náà lọ. Bí ẹ bá pa á mọ́ báyìí títí di aago 10 òwúrọ̀ Ajé 28, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò gbé dé ọ̀dọ̀ wa. A óò ya àwọn tó bọ́ sómi sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Bátìrì tó wú tún burú ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀yìn fóònù ń gbera sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́. Ẹ gbé e sórí ohun tí kò lè jó, níbi tí kò sún mọ́ aṣọ tàbí ibùsùn, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa.

Ti ẹ̀bùn ọdún ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kàn kọ́kọ́ wo ẹnu fóònù ẹni tí ẹ fẹ́ ra ṣájà fún. Láti orí iPhone 15, tó jáde ní 2023, ni Apple ti ń lo USB-C. iPhone 5 títí dé iPhone 14, Lightning ni tiwọn, wáyà wọn ò sì bára mu. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Android tuntun ń lo USB-C. Bí ẹ ò bá lè béèrè nítorí pé ẹ fẹ́ kó bá a lójijì, ẹ yọ́ ya fọ́tò ìdí fóònù náà ránṣẹ́, a ó mọ̀ ọ́n. Tí ó bá sì tún di àṣìṣe, ohun tí ẹ rà láàárín 14 sí 24 Oṣù Kejìlá, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ títí di Àbámẹ́ta 9 Oṣù Kìn-ín-ní, dípò ọjọ́ 7 tí à ń fún yín láwọn ìgbà mìíràn. Kí páálí rẹ̀ ṣáà wà, kí ìwé-ẹ̀rí wà. Íápíìsì tó ń wọ inú etí nìkan ni a ò ní gbà padà bí wọ́n bá ti tú u, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí a bá yín dá dúró sísàlẹ̀ níbí, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Wásáàpù. Ṣájà ẹlẹ́nu USB-C kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wọlé ní Ìṣẹ́gun 22, ẹni tó bá sì ti sanwó sílẹ̀ la ó kọ́kọ́ yọ tirẹ̀.