Màmá Dámilọ́lá, fọ́tò iṣẹ́ àṣetiléwá kò wọlé

Ẹ kú alẹ́ o, Màmá Dámilọ́lá. Ẹ kú ọjà òní, mo mọ̀ pé Òkè-Ajé kì í jẹ́ kí èèyàn tètè délé. Mo rí ohun tí ẹ kọ, pé ọmọ ti ń sunkún, pé àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba ìwé. Ẹ ní kó nu ojú rẹ̀, a ó jọ ṣe é lálẹ́ yìí.

Fọ́tò yẹn ni kò dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni mo rí. Ẹ wò ó lórí fóònù yín: bí ẹ bá rí ọfà tó kọjú sókè pẹ̀lú Retry lórí fọ́tò náà, kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ fi sílẹ̀, ká má fi dátà yín ṣòfò. Ẹ ṣáà kọ méjì yìí sí mi: kíláàsì wo ni Dámilọ́lá wà báyìí, kí sì ni àkòrí tí tíṣà kọ sókè ojú ìwé, lábẹ́ déètì?

Ẹ ti sọ pé fírákíṣàn ni, ó dáa, ṣùgbọ́n fírákíṣàn kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn ọmọ kékeré máa ń kun àwòrán. Tí wọ́n bá gòkè díẹ̀, wọn á ro èyí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọra pọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kan èyí tí kò jọra, ibẹ̀ gan-an ni ẹkún ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀nà tí wọn ò tíì kọ́ ọ ní kíláàsì hàn án, orí rẹ̀ á tún dàrú sí i ni, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ bá mi wo ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú 1/2 + 1/3 níbẹ̀, tó sì kọ 2/5, ó ro tòkè pọ̀ mọ́ tòkè, tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ fi kóńgò gààrí bi í: a ti bu ìdajì kóńgò, a tún bu sí i, ṣé ó yẹ kó má tó ìdajì mọ́? Torí 2/5 kò tó ìdajì. Á rí i fúnra rẹ̀. 5/6 ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ọ́ fún un, ẹ jẹ́ ká jọ débẹ̀.

Bí títẹ ọ̀rọ̀ bá ń ni yín lára, kí Dámilọ́lá fi ohùn ka ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, kó sì dárúkọ kíláàsì rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi títí di aago mẹ́wàá.