Ìwé Ètò Ìrìn-Àjò Ẹbí láti Àbújá sí Kàdúná àti Sáríà, Ọjọ́ 6 sí 8 Oṣù Kọkànlá 2026

A tún ìwé yìí ṣe kẹ́yìn ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 Oṣù Kọkànlá.

Bí a ó ṣe máa lo ìwé yìí

Ẹ̀yin ẹbí, gbogbo ohun tí a ti gbà sílẹ̀ fún ìrìn-àjò ìgbéyàwó ọmọ wa ní Sáríà ló wà níhìn-ín, àti àkókò tí kálukú gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti ń retí rẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí nínú ìwé yìí bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹnìkan kọ sórí Wásáàpù, ohun tó wà níhìn-ín ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ọ̀rọ̀ Wásáàpù a máa sọnù sáàárín ìkíni àti fọ́tò, ẹni tó bá sì jí pẹ́ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ìkẹyìn nínú wọn.

Gbogbo wa la lè ka ìwé náà, a sì lè kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi, Bọ̀dá Dàpọ̀ àti Wálé nìkan la lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí èyí. Tí ọwọ́ mẹ́tàlá bá ń tún àkókò kan ṣoṣo ṣe, kò sí ẹni tí yóò lè dúró lórí rẹ̀.

Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: Ó DÁJÚ tàbí A Ń DÚRÓ. A kì í kọ Ó DÁJÚ sí ohunkóhun àyàfi tí ẹ̀rí rẹ̀, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì, rìsíìtì tàbí lẹ́tà tí wọ́n fi fèsì, bá ti wà nínú fódà tí a so mọ́ ìwé yìí. Bí ẹnìkan bá sọ fún wa lórí fóònù pé “kò sí wàhálà, ẹ máa bọ̀”, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n A Ń DÚRÓ la ó kọ síbẹ̀. Èmi fúnra mi ló fi òfin yìí lélẹ̀, mi ò sì ní tú u fún ẹnikẹ́ni, torí pé Màmá Àgbà ń bọ̀ pẹ̀lú wa, ẹni ọdún 74 kò sì yẹ ní ẹni tí a ó mú dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura ní alẹ́ nígbà tí a bá ń wá yàrá.

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ṣí ìwé yìí lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì tẹ ibi tí a kọ `Make available offline` sí, kí ó lè rí i kà nínú ọkọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Wálé yóò tẹ ẹ̀dà méjì sórí bébà, ọ̀kan fún Màmá Àgbà, ọ̀kan fún Bàbá Ìbejì.

Nọ́ńbà NIN kò sí nínú ìwé yìí, ẹ má sì ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ rárá, nítorí ẹnikẹ́ni tí ìlújá ìwé náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè kà á. Kí kálukú tọ́jú tirẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin

Àlọ: Ó DÁJÚ fún ènìyàn 12. A Ń DÚRÓ fún Àǹtí Bísí.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 6, ni a ó lọ. Gẹ́gẹ́ bí tíkẹ́ẹ̀tì wa ṣe sọ, ọkọ̀ yóò kúrò ní Ìdú ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, yóò sì dúró ní Kúbwà kí ó tó kọjá lọ sí Rìgásà ní Kàdúná. Àwọn tí yóò wọ̀ ọ́ ní Ìdú ni Màmá Àgbà, Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, Táyé, Kẹ́hìndé àti èmi, Fúnmi. Kóòṣì kẹrin, ìjókòó 21 sí 26. Àwọn tí yóò wọ̀ ọ́ ní Kúbwà ni Bọ̀dá Dàpọ̀, Ìyá Ṣayọ̀, Ṣayọ̀, Àǹtí Rónkẹ́, Àǹtí Bísí, Ẹ̀gbọ́n Múfú àti Wálé; kóòṣì kan náà, ìjókòó 27 sí 33. A ti gba ìjókòó 33 fún Àǹtí Bísí, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn ará Ìdú gbọ́dọ̀ wà ní ibùdókọ̀ ní aago méjì ọ̀sán, àwọn ará Kúbwà ní aago méjì àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó ti Nyanya àti Gwárínpà wá, ẹ rántí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ọ̀nà tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí a sì máa dí láti aago méjìlá títí wọn ó fi parí ìrun. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Bàbá Ìbejì pé kí wọ́n gbé Màmá Àgbà kúrò nílé ní aago méjìlá géérégé, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó yá jù. Àpò ẹrù gbogbo wa ni wọn yóò yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, àyẹ̀wò náà a sì máa gba àkókò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ọ̀bẹ tí a fi ń gé àkàrà òyìnbó sínú àpò. Wọ́n ní ọ̀bẹ ní Sáríà.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni a kò ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìsí NIN. Ti àwọn ọmọdé mẹ́ta, NIN òbí wọn la fi rà á, nítorí náà kí Táyé, Kẹ́hìndé àti Ṣayọ̀ má ṣe yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú ìwé NIN tirẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Bísí nìyí. Orúkọ ọkọ wọn la kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá wọn ló ṣì wà lórí NIN. Ẹni kan náà ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kò mọ̀ wọ́n. Bọ̀dá Dàpọ̀ yóò lọ sí ibùdókọ̀ Kúbwà ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 4, láti rí i pé orúkọ orí NIN ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, yóò sì gbé èyí tó tọ̀nà sínú fódà kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí kò bá ṣeé ṣe, èmi yóò bá Àǹtí Bísí sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, a ó sì jọ pinnu. Ohun kan ṣoṣo tí a ti fẹnu kò sí ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní dá gba títì láti Àbújá lọ sí Kàdúná.

Àbọ̀: Ó DÁJÚ fún ènìyàn 12, A Ń DÚRÓ fún Àǹtí Bísí. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, láti Rìgásà. Kóòṣì kejì ni gbogbo wa wà, ìjókòó 40 sí 52. Kúbwà la ó kọ́kọ́ dé kí a tó dé Ìdú, nítorí náà kí àwọn ará Kúbwà ti kó ẹrù wọn sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Ilé ìtura ní Kàdúná

Ó DÁJÚ. Yàrá márùn-ún, òru méjì, ní Ungwan Rimi.

Àwọn kan béèrè ìdí tí a kò fi sùn ní Sáríà. Ìdí ni pé ìrọ̀lẹ́ la ó dé Rìgásà, Kàdúná sí Sáríà sì tó nǹkan bí kìlómítà 80. Mi ò fẹ́ kí a wà lórí ọ̀nà yẹn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, àti Bàbá Ìbejì náà kò fẹ́ ẹ.

Yàrá mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún la sọ lórí fóònù. Mo dá lẹ́tà náà padà, wọ́n sì ti fi òmíràn tó ní yàrá márùn-ún ránṣẹ́ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá. Èyí ló wà nínú fódà. Yàrá kìíní, tó wà nísàlẹ̀, jẹ́ ti Màmá Àgbà àti Àǹtí Rónkẹ́, kí Màmá má baà gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún wọn. Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì àti àwọn ìbejì wà ní ìkejì. Bọ̀dá Dàpọ̀, Ìyá Ṣayọ̀ àti Ṣayọ̀ ní ìkẹta. Èmi àti Àǹtí Bísí ní ìkẹrin. Ẹ̀gbọ́n Múfú àti Wálé ní ìkarùn-ún. Oúnjẹ òwúrọ̀ wà nínú owó yàrá, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Àìkú a ó ti kúrò kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ìyá Ṣayọ̀ yóò bá wọn sọ ọ́ ní alẹ́ Sátidé pé kí wọ́n dì í fún wa.

Bọ́ọ̀sì

Ó DÁJÚ. Bọ́ọ̀sì elérò 18 kan náà ni yóò gbé wa láti Rìgásà ní ọjọ́ Jímọ̀ títí yóò fi dá wa padà síbẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n Múfú ló mọ awakọ̀ náà, àwọn nìkan ni kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó má baà gba àṣẹ lẹ́nu ènìyàn méjì. Wọn yóò pè é ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, wọn yóò sì tún pè é nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá kúrò ní Kúbwà.

Ní Sátidé, ọjọ́ 7, bọ́ọ̀sì yóò kúrò ní ilé ìtura ní aago méje àbọ̀ òwúrọ̀. Wákàtí méjì la fi sílẹ̀ fún ọ̀nà, nítorí iṣẹ́ títì àti ibi tí àwọn ọlọ́pàá àti sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Aago mọ́kànlá ni ìgbéyàwó ní Sámárù. Wákàtí kan àbọ̀ tó kù láàárín kì í ṣe ti fàájì: inú rẹ̀ ni a ó ti wé gèlè, inú rẹ̀ ni a ó sì ti jẹ́ kí Màmá Àgbà sinmi. Aago mẹ́ta àbọ̀ ni a ó gbéra padà, ilẹ̀ yóò sì ṣú láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́fà àbọ̀. Àríyá yóò ṣì máa lọ lọ́wọ́, mo mọ̀, yóò sì dun àwọn kan láti dìde. Mo ti sọ fún ìyá ìyàwó, wọ́n sì ti gbà pé wọn yóò kọ́kọ́ fún wa lóúnjẹ, ní aago kan.

Ní Ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15.

Owó

Yàrá jẹ́ ₦350,000, a ti san ₦175,000. Bọ́ọ̀sì jẹ́ ₦180,000, a ti san ₦60,000. Àpapọ̀ ₦530,000 yìí la pín fún àgbàlagbà mẹ́wàá, ₦53,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sí nínú rẹ̀, kálukú ti san tirẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ti san pé. Mo ti bá àwọn méjì tó kù sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, mi ò sì ní kọ orúkọ wọn síhìn-ín, ṣùgbọ́n ₦295,000 tó kù láti san kò lè pé láìsí tiwọn: ₦175,000 nígbà tí a bá dé ilé ìtura, ₦120,000 fún awakọ̀ ní Rìgásà ní Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, ni ìparí.

Ohun tó yí padà

Ọjọ́ 29 Oṣù Kẹwàá: a sún àkókò ìpadàbọ̀ láti Sáríà síwájú, láti aago márùn-ún sí aago mẹ́ta àbọ̀. (Fúnmi)

Ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá: ilé ìtura di Ó DÁJÚ. (Fúnmi)

Ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá: a ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, wọ́n sì wà nínú fódà. (Wálé)

Ọjọ́ 2 Oṣù Kọkànlá: àṣìṣe orúkọ Àǹtí Bísí, ó di A Ń DÚRÓ. Rìsíìtì bọ́ọ̀sì wọlé. (Bọ̀dá Dàpọ̀)