Apànìyàn Lẹ́nu Ọ̀nà

Bísí: Apànìyàn ń wá ọ̀rẹ́ mi tó sá pamọ́ sílé mi, Káǹtì, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì yẹn, ní mi ò gbọdọ̀ purọ́ fún apànìyàn náà?

Dàpọ̀: Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́ ní 1797, tó ń dá Kọ́ńsítáǹtì, òǹkọ̀wé èdè Faransé kan, lóhùn. Tó o bá ní kò sí nílé, tó sì ti yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tí wọ́n pàdé ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ.

Bísí: Tí mo bá wá sọ òótọ́, tí wọ́n pa á sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọrùn ta ni?

Dàpọ̀: Dákẹ́ nígbà náà.

Bísí: Ìdákẹ́ gan-an á tú u fó. Ká ní ìwọ lo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn?

Dàpọ̀: Háà! Purọ́ jàre. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sínú ìdánwò.