Orí Kẹta: Ọgbọ́n Ìwádìí lórí Ìbẹ̀wò Pírínsípà sí Kíláàsì àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Àwọn Ilé-Ìwé Girama Ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

3.0 Ìfáárà

Ìbéèrè mẹ́ta ni Orí Kìn-ín-ní gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni pírínsípà ń wọ kíláàsì láàárín táàmù kan láti wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni? Èkejì, ǹjẹ́ ìbẹ̀wò yìí bá bí olùkọ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rìn? Ẹ̀kẹta, kí ló dé tí ìbẹ̀wò kan náà fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan tí kò sì ṣiṣẹ́ ní òmíràn? Iye ló lè dáhùn méjì àkọ́kọ́. Ẹnu àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ nìkan la ti lè gbọ́ ìdáhùn ẹ̀kẹta. Ìdí nìyí tí a fi lo ọgbọ́n ìwádìí alámùúlùmálà, èyí tó da ìwádìí oníṣirò pọ̀ mọ́ ìwádìí ọlọ́rọ̀-ẹnu nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

3.1 Ìlànà iṣẹ́

Ìlànà atẹ̀léra aṣàlàyé ni a tẹ̀ lé. Iṣẹ́ oníṣirò ló ṣíwájú, láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà ní táàmù kìn-ín-ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024/2025. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tẹ̀ lé e láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ ní táàmù kejì. A yẹra fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nítorí pé tábìlì iṣẹ́ kì í tíì fìdí múlẹ̀ nígbà náà, a sì yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò nítorí pé kò sí ìkọ́ni tí pírínsípà máa bẹ̀ wò.

3.2 Ìdí tí a fi yan ọgbọ́n alámùúlùmálà

Kì í ṣe pé kí iṣẹ́ lè pọ̀ lójú ni a ṣe da ọ̀nà méjì pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí ó ti ń fọ́jú, ibi tí èkejì sì ti ríran nìyẹn.

Ìwé ìbéèrè lè sọ pé olùkọ́ kan rí pírínsípà ní kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò lè sọ ohun tí olùkọ́ náà gbà pé pírínsípà wá ṣe. Nígbà tí a ń dán irinṣẹ́ wò, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé «Ọ̀gá ilé-ìwé ń bẹ̀ mí wò ní kíláàsì». Àwọn olùkọ́ kan fi «nígbà gbogbo» dáhùn. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, wọ́n ṣàlàyé pé pírínsípà máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á yọjú lójú fèrèsé, á sì máa lọ. Àwọn mìíràn tí pírínsípà jókòó tì fún odidi ogójì ìṣẹ́jú fi «lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan» dáhùn. Iye tó pọ̀ kò túmọ̀ sí ìbẹ̀wò tó jinlẹ̀, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè tú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ká lẹ́yìn tí a ti gba ìwé. A tún gbólóhùn náà kọ báyìí: «Ní táàmù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni pírínsípà jókòó sínú kíláàsì rẹ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 nígbà tí o ń kọ́ni?»

Àkọsílẹ̀ nìkan náà kò tó. Ní ọ̀kan nínú ilé-ìwé tí a ti dán irinṣẹ́ wò, ìwé ìbẹ̀wò táàmù kan ní ìlà 22. Bírò kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, «ó dára» ni ọ̀rọ̀ tó wà ní iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìbuwọ́lù olùkọ́ kankan. Ẹni tó bá ka ìlà lásán yóò kọ 22 sílẹ̀. Ẹni tó bá bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ló máa mọ iye tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí a bá sì tìtorí èyí sọ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan ni a óò lò, a ó kàn bọ́ sínú kòtò mìíràn. Ènìyàn 18 lè sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ bóyá ohun tí wọ́n ń sọ kárí. Aláṣẹ tó fẹ́ fi àbájáde iṣẹ́ yìí ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn pírínsípà ní láti mọ bóyá ìṣòro ilé-ìwé kan ni tàbí ti gbogbo wọn. Èrò tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè ló yẹ kó yan irinṣẹ́. Irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ yan ìbéèrè.

A gbé ìlànà méjì mìíràn yẹ̀ wò. Nínú ọ̀kan, a ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A fi í sílẹ̀ nítorí pé a kò ní tíì mọ ilé-ìwé tó ṣàjèjì nínú iye nígbà tí a bá ń yan ẹni tí a óò fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ṣíwájú kí a tó ṣe ìwé ìbéèrè. Èyí dára níbi tí kò bá sí ohun tí a mọ̀ nípa kókó kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lórí àbójútó ìkọ́ni ti pọ̀ tó láti fi ṣe ìwé ìbéèrè. Ewu ìlànà tí a yàn ni àkókò: a lè gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn kí a tó padà dé. Ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ méjì, àwọn tí orúkọ wọn wà nípamọ́ fún ìrọ́pò ni a sì fi dípò wọn.

3.3 Agbègbè àti àwùjọ ìwádìí

Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 àti ẹkùn sẹ́nẹ́tọ̀ mẹ́ta. Láti inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni a ti ṣẹ́ kèké mú ìjọba ìbílẹ̀ méjì: Ìkọ̀lé àti Mọ̀bà láti Àríwá, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n láti Àárín Gbùngbùn, Ìkẹ́rẹ́ àti Gbọ̀nyìn láti Gúúsù. A mú ilé-ìwé girama ìjọba mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 24. Olùkọ́ 720 ló wà lórí rẹ́jísítà wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì táàmù, lẹ́yìn tí a ti yọ àwọn agùnbánirọ̀ àti àwọn tó wà ní ìsinmi ìbímọ kúrò. Àwọn yìí ni àwùjọ ìwádìí, àwọn nìkan sì ni àbájáde ìṣirò wa dúró fún.

3.4 Yíyan àwọn olùkópa

Fọ́múlà Yamane ni a fi wá iye tó kéré jù, pẹ̀lú ààyè àṣìṣe 0.05:

```
n = N / (1 + N*e^2)
n = 720 / (1 + 720*0.0025) = 257.1
```

Èyí jẹ́ 258. A fi kún un títí dé 288 nítorí ìwé tí kò ní padà, kí ó lè jẹ́ olùkọ́ méjì nínú márùn-ún ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Láti yan wọn, a tẹ nọ́ńbà wọn sínú kọ̀ǹpútà, a fi `=RAND()` sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n, a sì mú láti òkè.

Fọ́múlà yìí gbà pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀: olùkọ́ méjìlá tó wà lábẹ́ pírínsípà kan yóò jọra nínú ìdáhùn wọn. Bí ìjọra náà bá jẹ́ 0.10, agbára àṣàyàn 288 kò ju ti nǹkan bí 137 tó dá dúró lọ, nítorí pé 288 pín sí 1 + (11 × 0.10) ni. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń fo èyí dá, wọ́n sì ń kéde ìbáṣepọ̀ tí kò sí. Ọ̀nà tí a gbà yanjú rẹ̀ wà ní 3.7.

Fún ìpele kejì, a kò ṣẹ́ kèké. A lo àbájáde ìpele kìíní láti mú ilé-ìwé mẹ́fà: mẹ́ta tí iṣẹ́ olùkọ́ wọn ga ju ohun tí iye ìbẹ̀wò sọ pé ó yẹ kó jẹ́ lọ, àti mẹ́ta tó kéré sí i. Níbẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti so pọ̀. Pírínsípà kan àti olùkọ́ méjì ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló mú un jẹ́ 18.

3.5 Àwọn irinṣẹ́

Olùkọ́ ló dáhùn ìwé ìbéèrè ìbẹ̀wò, tó ní gbólóhùn 20. Ìwé ìwọ̀n iṣẹ́ ní gbólóhùn 16 lórí nóòtù ìkọ́ni, dídé lásìkò, mímáàkì iṣẹ́ àti àkóso kíláàsì. Olórí ẹ̀ka ló kún èyí, nítorí pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ tó sì tún wọn ara rẹ̀, ìbáṣepọ̀ tí a bá rí lè jẹ́ ti ìṣesí ẹni náà lásán. Níbi tí olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ bá bọ́ sínú àṣàyàn, igbákejì pírínsípà ló wọ̀n ọ́n. A tún béèrè iye ìṣẹ́jú tí olùkọ́ ń lò láti ilé dé ibi iṣẹ́, torí ẹni tó ń ti Adó wọkọ̀ lọ sí abúlé lè pẹ́ dé láìjẹ́ pé ìbẹ̀wò ló fà á.

3.6 Ìdánwò irinṣẹ́

Olùkọ́ àgbà mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ àkóso ilé-ìwé àti ọ̀kan nínú ìwọ̀n àti ìdánwò yẹ àwọn gbólóhùn wò. A dán wọn wò lọ́dọ̀ olùkọ́ 30 ní ilé-ìwé méjì tí kò sí nínú 24. Álífà Cronbach ìwé ìbẹ̀wò kọ́kọ́ jẹ́ 0.61. Ohun tó fà á ni gbólóhùn méjì tó ní «kì í» nínú, tí a kò tíì yí máàkì wọn padà. Lẹ́yìn tí a yí i, ó di 0.84. Ti ìwé ìwọ̀n iṣẹ́ jẹ́ 0.79.

3.7 Gbígba dátà àti ìtúpalẹ̀

Ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni a fi ìwé lé, nínú àpòòwé tó ń lẹ̀ pa. A kò gba kí pírínsípà pín in tàbí kó o jọ. Ìwé 271 ló padà. A yọ mẹ́jọ kúrò nítorí pé àmì kan náà ni wọ́n fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, 263 ló sì kù. Àwòṣe onípele méjì ni a fi tú iye náà palẹ̀ nínú R, olùkọ́ nínú ilé-ìwé:

```
lmer(ise ~ ibewo + iriri + iseju + (1 | ile_iwe), data = data1)
```

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 35 sí 50. Olùkópa ló yan èdè. A kọ ohùn sílẹ̀ bí ó ṣe jáde: ẹni tó bá pè é ní «uṣẹ́», a kò tún un ṣe sí «iṣẹ́», nítorí pé níbi tí ènìyàn ti kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú Èkìtì, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ tinú rẹ̀.

Àwọn méjì ló to kókó ọ̀rọ̀ jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìfohùnṣọ̀kan wọn kọ́kọ́ jẹ́ 0.58 lórí ìwọ̀n kappa. «Ọ̀wọ̀» àti «ìbẹ̀rù» ló ń dà wọ́n láàmú, torí olùkọ́ lè sọ pé òun bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá nígbà tó jẹ́ pé ìwé kúẹ́rì ló wà lọ́kàn rẹ̀. A wá fi òfin lélẹ̀: bí olùsọ̀rọ̀ bá dárúkọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i, bíi kúẹ́rì tàbí ìgbénilọ-sí-ibòmíràn, ìbẹ̀rù ni. Bó bá dárúkọ ọjọ́ orí tàbí ìmọ̀ ọ̀gá, ọ̀wọ̀ ni. Ìwọ̀n náà gòkè sí 0.81.

Nínú tábìlì kan náà ni a to iye àti ọ̀rọ̀ sí, ilé-ìwé kan sí ìlà kan. Níbi tí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, a padà sí ìwé ìbẹ̀wò láti ṣe ẹlẹ́rìí kẹta. Bí wọn kò bá ṣì bára mu, a kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbájáde.

3.8 Ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa

A gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa àti ti àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ilé-ìwé kí a tó wọ ibikíbi. Olùkópa kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé ìfọwọ́sí, a sì sọ fún un pé ó lè dá a dúró nígbàkígbà. Kóòdù ló wà lórí ìwé dípò orúkọ. Ìwé tó so kóòdù mọ́ olùkọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì lọ́tọ̀, a sì dáná sun ún ní kété tí a parí ìpele kejì. Pírínsípà mẹ́ta béèrè pé kí a fi ohun tí àwọn olùkọ́ wọn sọ han àwọn. A kò fi hàn wọ́n. Àkópọ̀ ilé-ìwé 24, láìdárúkọ ọ̀kankan, ni a fún gbogbo wọn.